Ìbéèrè mẹ́ta ní ago 6:20: àyẹ̀wò àárọ̀ fún òbí tó ń múra ọmọ fún ilé-ìwé

Ago 7:12 ni. A ti wà nínú ọkọ̀, mo ti fi jíà sẹ́yìn, ni ọmọ mi obìnrin bá sọ láti ẹ̀yìn pé, "Dádì, òní ni wọ́n ní ká mú páálí wá fún iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì o." Mo bi í pé ìgbà wo ni wọ́n ti sọ ọ́. Ó ní ọjọ́ Ajé. Ọjọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Páálí ńlá kan wà lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù wa látìgbà tí a ti ra fíríjì. Ká ní mo gbọ́ ní ago 6:30 ni, ìṣẹ́jú méjì ni ǹ bá fi gé e fún un. Ní ago 7:12, àfi ká padà wọlé ká sì pẹ́, tàbí kó lọ lọ́wọ́ òfo. Ó lọ lọ́wọ́ òfo, ó sì sunkún títí a fi dé géètì.

Ohun tó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó gbàgbé. Ọmọ náà rántí, páálí sì wà nílé. Ohun tí kò sí ni ìgbà kan pàtó tí ẹnì kan máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ya ìṣẹ́jú 10 sọ́tọ̀ ní àárọ̀ kọ̀ọ̀kan, tí èmi àti àwọn ọmọ méjèèjì á dúró síwájú ìwé kan tí a lẹ̀ mọ́ ara fíríjì. Ìyá wọn ti máa ń jáde kó tó di ago 6, nítorí náà èmi ni mo ń ṣe é.

Ìbéèrè mẹ́ta péré ni: ta ni yóò gbà yín nílé-ìwé lónìí, iṣẹ́ àṣetiléwá wo ni gbèdéke rẹ̀ ti dé tàbí tó kù sí dẹ̀dẹ̀, báwo ni oúnjẹ ọ̀sán ṣe wà? N kò tò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́. Èyí tí àtúnṣe rẹ̀ ń pẹ́ jù ni mo fi síwájú. Bí ẹni tó fẹ́ lọ gbà wọ́n bá yẹ̀, mo ní láti pe ẹlòmíràn, kí n dúró kó dáhùn, kí n sì jẹ́ kí ilé-ìwé gbọ́. Ìyẹn lè gba ìdajì wákàtí. Iṣẹ́ àṣetiléwá tó ku díẹ̀ lè gba ìṣẹ́jú 10. Oúnjẹ tí a ti ṣètò rẹ̀ lálẹ́ kò lè gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ọ̀pọ̀ òbí ń bẹ̀rẹ̀ látorí oúnjẹ torí pé òun ló wà lójú wọn, ìgbà tí wọ́n bá dé ibi iṣẹ́ ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ẹni tó máa gbà ọmọ.

Ẹ ka àkókò sẹ́yìn

Kí ẹ tó mú ìgbà tí ẹ máa ṣe àyẹ̀wò, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ìgbà tí ẹ máa kúrò nílé, ẹ má sì fojú bù ú. Fún ọjọ́ ilé-ìwé márùn-ún, ẹ kọ iye ìṣẹ́jú tí ìrìn náà gbà sílẹ̀, láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ṣí títí tó fi dúró. Tiwa ní ọ̀sẹ̀ tí mo ṣe é ni 22, 24, 21, 33 àti 25. Bí ẹ bá kó wọn pọ̀ kí ẹ pín in sí márùn-ún, 25 ni, iye yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa fi ṣètò. Èmi kì í lò ó. Òjò ló rọ̀ lọ́jọ́ tó gba ìṣẹ́jú 33, òjò á sì tún rọ̀. Ẹni tó fi 25 ṣètò ti gbà tẹ́lẹ̀ pé òun á pẹ́ lọ́jọ́ tí ọ̀nà bá dí. Mo mú 33.

Lẹ́yìn èyí, ẹ fi ìṣẹ́jú tí ẹnikẹ́ni kì í kà kún un, ìyẹn láti ìgbà tí ẹ bá ní "Ó yá, ká máa lọ" títí tí ọkọ̀ fi máa ṣí. Bàtà wà níbẹ̀, ilé ìtọ̀ ìgbẹ̀yìn wà níbẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kan tó sọnù lára méjì wà níbẹ̀, bẹ́líìtì ìjókòó náà sì wà níbẹ̀. Mo fi fóònù ka tiwa, ìṣẹ́jú 8 gbáko ni. Láti ibi tí mo ń gbé ọkọ̀ sí dé ẹnu géètì, ìṣẹ́jú 4. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 45. Ago 7:45 ni wọ́n ń ti géètì ilé-ìwé wọn, nítorí náà ago 7:00 ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wọ bàtà. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń wọ bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, ẹ wo ọjọ́ tí bọ́ọ̀sì tètè dé jù nínú ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ kà sẹ́yìn láti ibẹ̀.

Àmọ́ àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ parí ní ago 7:00. Ó gbọ́dọ̀ ti parí ní ìdajì wákàtí ṣáájú, torí inú ìdajì wákàtí yẹn ni ẹ ti máa tún ohun tí ẹ bá rí ṣe, tí àwọn ọmọ á sì jẹun àárọ̀. Bí kò bá sí àkókò àtúnṣe lẹ́yìn ìbéèrè, ẹ̀rù lásán ni ìbéèrè náà máa kó bá yín. Bí ago 6:20 ṣe di tiwa nìyẹn: ìṣẹ́jú 10 fún ìbéèrè, ìṣẹ́jú 30 fún àtúnṣe.

Nǹkan kan ṣoṣo ló máa ń ṣáájú àyẹ̀wò, ara àwọn ọmọ ni. Bí mo bá ń jí wọn, mo máa ń fọwọ́ kan iwájú orí wọn. Bí ó bá gbóná, mo fi tẹmómítà wò ó. Tó bá ti pé digirí 38 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ni ọmọ náà máa wà. Ọmọ tó bì tàbí tó yàgbẹ́ gbuuru lóru náà kò gbọdọ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ló ní iye wákàtí tí wọ́n fẹ́ kó kọjá lẹ́yìn tí ó bá ti dáwọ́ dúró, 24 tàbí 48, ẹ sì ti gbọ́dọ̀ mọ ti ilé-ìwé yín kí àárọ̀ irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ tó dé.

Ìwé ara fíríjì

Pépà kan ló jẹ́. Mo pín in sí ọjọ́ márùn-ún, lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ni àyè mẹ́ta wà: Gbígbà, Iṣẹ́, Oúnjẹ. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni èmi àti ìyá wọn ń kọ ọ́, àwọn ọmọ á sì kó ìwé wọn wá kí wọ́n ka iṣẹ́ tí wọ́n gbà fún wa. Mo ti gbìyànjú orí fóònù rí, kò bá wa lára mu. Fóònù máa ń bá ẹni tó ni ín lọ ni, ọmọ ọdún mẹ́fà ò sì lè rí ohun tó wà nínú rẹ̀ nígbà tó ń jẹun. Pépà wà níbi tí gbogbo wa ń gbà kọjá.

Iṣẹ́ tó bá ní gbèdéke, ibi méjì ni mo ń kọ ọ́ sí. Mo kọ ọ́ sí ọjọ́ tí wọ́n máa gbà á, mo sì fi bírò pupa yí i ká. Mo tún kọ ọ́ sí ọjọ́ méjì ṣáájú, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan: "Nílò?" Bí a bá kọ páálí ìjọ́sí báyìí ni, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni à bá ti rí i.

Ìbéèrè kìíní: ta ni yóò gbà yín?

Ní ago 6:20, mo máa ń bi àwọn ọmọ gan-an, "Ta ló ń bọ̀ wá gbà yín lónìí?" Kì í ṣe pé n kò mọ̀. Mo fẹ́ gbọ́ bóyá ohun tó wà lọ́kàn wọn bá ohun tó wà lára ìwé mu ni. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin mi dáhùn pé, "Màámi ni," bẹ́ẹ̀ àǹtí wọn ló wà lára ìwé. Àná ni ìyá rẹ̀ ṣèlérí fún un pé òun á wá, kò tíì ráyè sọ fún mi. Ká ní a kò béèrè, ènìyàn méjì lè lọ, tàbí kí ẹnì kankan má lọ, torí pé oníkálukú rò pé ẹnìkejì máa débẹ̀. Èyí kejì yẹn ni ẹ máa bẹ̀rù jù. Ọmọ kì í sábà ṣì dúró sílé-ìwé nítorí pé òbí rẹ̀ gbàgbé rẹ̀; àdéhùn tí kò délẹ̀ láàárín àgbàlagbà méjì ló ń fà á.

Bí ẹlòmíràn bá ń lọ gbà wọ́n, kò tó pé ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ kò tíì di àdéhùn títí tó fi dáhùn. Mo máa ń fi ránṣẹ́ lálẹ́. Bí kò bá tíì dáhùn ní ago 6:20, mo pè é lórí fóònù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí kò bá tíì gbé e ní ago 6:45, mo kà á sí pé kò ní lè lọ, mo sì pe ẹnìkejì tí orúkọ rẹ̀ wà nílẹ̀. Ẹ má ṣe sọ pé "á ti rí i tó bá yá." Ẹ ní ọjọ́ kan gbáko níwájú, iṣẹ́ á ti gbà yín lọ́kàn.

Ẹnìkejì yẹn gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ ilé-ìwé. Ilé-ìwé tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní fa ọmọ lé ẹni tí kò sí nínú ìwé wọn lọ́wọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ń sáré lọ dì mọ́ ọn. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ ènìyàn mẹ́ta ó kéré tán síbẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ sáà, kí ẹ sì wò ó bóyá nọ́ńbà fóònù wọn kò tíì yí padà. Kí a tó kúrò níbi ìbéèrè yìí, mo máa ń tún un sọ fún àwọn ọmọ: "Àǹtí yín ló ń bọ̀. Bí ẹlòmíràn bá wá, bó ti wù kó jẹ́, ẹ padà sọ́dọ̀ tíṣà, kí wọ́n pè mí." Wọ́n ti mọ̀ ọ́n sórí báyìí, síbẹ̀ mo ṣì ń sọ ọ́.

Ìbéèrè kejì: iṣẹ́ àṣetiléwá

Ibí yìí ni mo fẹ́ ká ti fara balẹ̀ jù, torí ibẹ̀ ni ìbéèrè tí kò dára ti ń tan òbí jẹ. Bí ẹ bá ní, "Ṣé o ti ṣe iṣẹ́ rẹ?" ọmọ á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Kì í purọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó ti kọ orúkọ rẹ̀ sókè ojú ìwé tó sì ti kun àwòrán kan gbà pé òun ti ṣe é. Ohun tí mo ń sọ ni, "Mú ìwé ìṣirò wá, kí n rí ojú ewé àná." Ojú mi ló máa dáhùn fún mi.

Mo pín ìbéèrè yìí sí òní, ọ̀la àti iwájú, iṣẹ́ tí ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe sì yàtọ̀ síra.

Iṣẹ́ tí wọ́n máa gbà lónìí, ohun mẹ́ta ni mo ń wò: ó ti parí, orúkọ wà lára rẹ̀, ó wà nínú báàgì. Èyí kẹta ni ẹ má ṣe fojú kéré. Iṣẹ́ tó parí tó sì wà lórí tábìlì yàrá kò yàtọ̀ sí iṣẹ́ tí a kò ṣe, lójú ẹni tó ń gbà á. Bí kò bá tíì parí ńkọ́? Ní Ọjọ́rú kan, ọmọkùnrin mi mú ìwé rẹ̀ wá. Ìbéèrè 12 ni, 9 ló ṣe. Mo bi í pé kí ló dé tó fi dúró níbẹ̀. Ó ní oorun ń kun òun. Mo ní kó ṣe ìkẹwàá lójú mi, ó ṣe é láàárín ìṣẹ́jú méjì, kò béèrè nǹkan kan. Ó túmọ̀ sí pé ó yé e, ìṣẹ́jú mẹ́rin míì á sì tó o. Ó jókòó ṣe é kó tó jẹun.

Ká ní ó tẹjú mọ́ ìkẹwàá tí kò mọ ibi tó máa gbà wọ̀ ọ́ ni, n kò ní jókòó kọ́ ọ ní ago 6:30, n kò sì ní bá a kọ ọ́. Mo máa kọ ìlà méjì sí ìsàlẹ̀ ojú ewé náà fún olùkọ́: "Ó ṣe 1 sí 9 fúnra rẹ̀. Ó gbìyànjú 10, kò yé e." Ìyẹn wúlò fún olùkọ́ ju ìdáhùn tó pé lọ, torí iṣẹ́ àṣetiléwá ló fi ń mọ ibi tó yẹ kó padà sí nínú ẹ̀kọ́. Òbí tó bá parí rẹ̀ fún ọmọ ti bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Òdiwọ̀n tí mò ń lò nìyí: bí ọmọ bá lè dá parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú 10, kó ṣe é, bí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó lọ pẹ̀lú ìwé mi.

Iṣẹ́ ọ̀la ni ìdí pàtàkì tí mo fi ń béèrè ní àárọ̀ tí n kò fi gbogbo rẹ̀ dúró de alẹ́. Ọ̀pọ̀ nǹkan tí iṣẹ́ ọ̀la nílò, ọ̀sán nìkan ni a lè rí i. Ìwé tí ọmọ fi sílẹ̀ nínú tábìlì kíláàsì, ọ̀sán òní ló lè mú un. Ìbéèrè tí kò yé e, ọ̀sán òní ló lè bi olùkọ́. Pépà aláwọ̀ tàbí gọ́ọ̀mù tí a fẹ́ rà, mo lè yà ra á nígbà tí mo bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, bí mo bá ti mọ̀ ní àárọ̀. Bó bá di ago 8 alẹ́, ilé-ìwé ti tì, ìsọ̀ ti ń palẹ̀ mọ́, ẹ̀yin àti ọmọ á wá jókòó máa wo ara yín. Nítorí náà gbólóhùn tí mo ń sọ fún iṣẹ́ ọ̀la ni, "Kí lo nílò láti fi ṣe é tí kò sí nínú ilé yìí?" Bí ó bá jẹ́ ìwé ilé-ìwé, mo kọ ọ́ sí pépà kékeré kan, mo sì fi í sínú àpò iwájú báàgì rẹ̀, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ti kàn án nígbà tó bá fẹ́ múra ilé.

Ti iwájú ni iṣẹ́ ńlá, èyí tí wọ́n fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì láti ṣe. Gbèdéke tí ilé-ìwé kọ kì í ṣe gbèdéke tiyín. Ọmọbìnrin mi gba iṣẹ́ kan tó ní kí ó fi páálí àti ọ̀dà ṣe àpẹẹrẹ òkè tó ń yọ iná, kó sì kọ ojú ìwé kan nípa rẹ̀, fún ọjọ́ Ẹtì. A kà á sẹ́yìn lójú ìwé ara fíríjì. Ọ̀dà gbọ́dọ̀ gbẹ mọ́jú, gọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ gbẹ mọ́jú kí ọ̀dà tó gorí rẹ̀. Nítorí náà alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kò sí fún nǹkan kan ju kíkó o sínú àpótí lọ, alẹ́ Ọjọ́rú ni ọ̀dà, alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni lílẹ̀, alẹ́ ọjọ́ Ajé ni kíkọ. Gbogbo ohun èlò gbọ́dọ̀ wà nílé kí ọjọ́ Ajé tó dé. Iṣẹ́ tí ilé-ìwé pè ní ti ọjọ́ Ẹtì, tiwa bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú.

Ẹ tún wò ó bóyá iṣẹ́ inú alẹ́ kan gba àyè. Òdiwọ̀n kan wà tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ mọ̀, pé ìṣẹ́jú 10 fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan ni ó yẹ kí iṣẹ́ ilé máa gbà lálẹ́: ọmọ kíláàsì kejì ìṣẹ́jú 20, ọmọ kíláàsì karùn-ún ìṣẹ́jú 50. Ọmọbìnrin mi wà ní kíláàsì karùn-ún. Ní alẹ́ Ọjọ́rú yẹn, ó ní ìṣirò tó máa gba 20, ìwé kíkà 20, pẹ̀lú ọ̀dà tó máa gba 40. Ìyẹn jẹ́ 80. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé la ti rí i lára ìwé, a sì gbé ìwé kíkà náà wá sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí lílẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ẹ kò lè rí irú nǹkan báyìí bí ẹ bá ń wo ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Ìkìlọ̀ kan fún àwọn tí ọmọ wọn ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Bí ẹ bá rí `Thursday 11:59 PM`, òpin Ọjọ́bọ̀ ni, lálẹ́. Ṣùgbọ́n `Thursday 12:00 AM` ni ìṣẹ́jú tí Ọjọ́bọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìyẹn òru tí Ọjọ́rú fi ń parí. Ẹni tó bá rò pé òun ní gbogbo Ọjọ́bọ̀ ti pàdánù ọjọ́ kan gbáko. Orí pépà wa, Ọjọ́rú ni mo máa ń kọ irú èyí sí.

Ohun kan tún wà tí ìwé náà ń sọ tí ọmọ lè má sọ. Bí iṣẹ́ ẹ̀kọ́ kan náà bá ṣáà ń ṣẹ́ kù, tí ìwé rẹ̀ ń "gbàgbé" sílé-ìwé nígbà mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí àwọn ẹ̀kọ́ yòókù sì ń parí, ẹ má bá ọmọ jà lórí ìgbàgbé. Ẹ lọ bá olùkọ́ ẹ̀kọ́ náà. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ni kò yé e, tó sì ń sá fún un.

Ìbéèrè kẹta: oúnjẹ ọ̀sán

Oúnjẹ tí a dì ní ago 6:40, tí wọ́n jẹ ní ago 12:30, ti lo wákàtí mẹ́fà dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú báàgì. Kò sí ohun tó ṣe pàtàkì lórí oúnjẹ ọ̀sán tó iye wákàtí yìí. Oúnjẹ tó ń tètè bàjẹ́, bí ẹyin, ẹran, ẹja, wàrà tàbí ìrẹsì sísè, kò gbọdọ̀ ju wákàtí méjì lọ láàárín digirí 4 sí 60, torí ibẹ̀ ni kòkòrò àìfojúrí ti ń pọ̀ sí i kíákíá. Bí ojú ọjọ́ bá gbóná ju digirí 32 lọ, wákàtí kan péré ni. Nítorí náà ọ̀nà méjì ló wà: kí oúnjẹ náà gbóná gidi títí di ọ̀sán, tàbí kó tutù gidi títí di ọ̀sán. Oúnjẹ lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń dá inú ọmọ rú.

Fún oúnjẹ gbígbóná, fúláàsì tó ní ẹnu gbòòrò ni mo ń lò. Ní ago 6:20, kí n tó lọ dúró níwájú ìwé, mo da omi híhó sínú rẹ̀, mo dé e. Bí ìbéèrè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá fi parí, ìṣẹ́jú 10 ti pé, inú fúláàsì ti gbóná. Mo da omi náà nù, mo sì bu oúnjẹ tí èéfín ṣì ń rú lára rẹ̀ sí i kó kún dé ọrùn. Ẹni tó bá bu oúnjẹ sínú fúláàsì tútù, fúláàsì ló máa kọ́kọ́ jẹ ooru oúnjẹ náà. Ìdajì fúláàsì náà kì í pẹ́ tutù, torí afẹ́fẹ́ òkè rẹ̀ ń gba ooru. Bí ọmọ bá ń jẹ díẹ̀, ẹ ra fúláàsì kékeré. Ẹ dán an wò ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan: ẹ dì í ní ago 6:40, ẹ ṣí i ní ago 12:30, kí ẹ ti tẹmómítà oúnjẹ bọ àárín rẹ̀. Bí kò bá pé 60, fúláàsì yẹn kò yẹ fún iṣẹ́ náà, bó ti wù kó wọ́n tó. Ọmọ náà ni kí ẹ jẹ́ kó ṣí i. Bí oúnjẹ gbígbóná ṣe ń tutù, ìdérí fúláàsì máa ń fà mọ́lẹ̀, ọwọ́ kékeré lè má ká a. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni oúnjẹ ọmọkùnrin mi fi ń padà wálé bó ṣe lọ, mo rò pé kò fẹ́ ẹ ni. Kò lè ṣí i ni, ojú sì ń tì í láti ní kí wọ́n bá òun ṣí i.

Oúnjẹ tútù rọrùn jù, torí alẹ́ ni a ń dì í. Ó máa sùn nínú fíríjì pẹ̀lú abọ́ rẹ̀, ní àárọ̀ ó máa bọ́ sínú báàgì oúnjẹ pẹ̀lú yìnyín inú ike. Ẹ fi yìnyín kan sí abẹ́, kí ẹ fi ọ̀kan lé e lórí. Ìgò omi tí ẹ fi sínú fírísà mọ́jú lè ṣe iṣẹ́ ọ̀kan nínú wọn, á sì ti yọ́ fún mímu. Ẹ má kún un dé ẹnu, torí omi máa ń wú bó bá dì.

Ìrẹsì nílò ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Kòkòrò kan wà tí sísè kì í pa irúgbìn rẹ̀ tán. Bí ìrẹsì bá jókòó lórí sítóòfù láti alẹ́ mọ́jú, kòkòrò náà á hù, á sì tú májèlé sínú rẹ̀, gbígbé e kaná lẹ́ẹ̀kan sí i kò sì lè pa májèlé náà. Ìrẹsì alẹ́ àná tí ẹ fẹ́ fún ọmọ gbé lọ, ẹ ti gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ sínú abọ́ pẹrẹsẹ kó tètè tutù, kó sì wọ fíríjì láàárín wákàtí kan. Èyí tó bá sun orí sítóòfù, ẹ dà á nù.

Nípa ohun tí a ń dì, n kò ní sọ púpọ̀, ilé kálukú ló mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, ẹ la èso roboto bí àjàrà sí wẹ́wẹ́ ní òòró, kó má bàa há a lọ́fun. Bí olùkọ́ bá sì ti fi ìwé ránṣẹ́ pé ara ọmọ kan nínú kíláàsì kò gba ẹ̀pà tàbí nǹkan mìíràn, orí ìwé fíríjì ni ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀, torí ẹni tó ń di oúnjẹ lónìí lè má jẹ́ ẹni tó ka ìwé náà.

Ní ago 6:28, ìbéèrè oúnjẹ kì í ju èyí lọ: "Ṣé abọ́ oúnjẹ àná ti jáde nínú báàgì? Ṣíbí ńkọ́? Omi ńkọ́?" Ìdáhùn sí àkọ́kọ́ yẹn ló ń pinnu àárọ̀. Bí abọ́ àná bá ṣì wà nínú báàgì tó ti kan, ìṣẹ́jú 10 ti lọ síbi fífọ̀ ọ́.

Ẹnu ọ̀nà

Ní ago 7:00, n kì í ka orúkọ nǹkan mọ́. Mo ń ka iye. Ọmọbìnrin mi mọ̀ pé ohun mẹ́ta ni òun ń gbé jáde: báàgì ìwé, báàgì oúnjẹ, omi. Ní Ọjọ́rú ó jẹ́ mẹ́rin, torí aṣọ eré ìdárayá. Mo kọ iye náà sí igun ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lórí pépà. "Mélòó lòní?" "Mẹ́rin, sà." "Mélòó ló wà lọ́wọ́ rẹ?" Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Mẹ́ta." Ó yára padà wọlé, kò sẹ́ni tó pariwo. Kí n tó wọ ọkọ̀, mo máa ń rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan, pàápàá ẹ̀yìn rẹ̀, torí ọmọ kékeré tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ kì í hàn nínú dígí. Ìgbà tí bẹ́líìtì méjèèjì bá ti dún ni mo máa ń fi jíà sí i.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí n tó yọ pépà ọ̀sẹ̀ náà, mo máa ń fi ojú wá ohun tí a tún ṣe láàárín ago 6:30 sí 7:00, torí mo máa ń fi àmì sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Èyí tó bá ní àmì ẹ̀ẹ̀mejì, mo gbé e kúrò ní àárọ̀ sí alẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìbọ̀sẹ̀ ọmọkùnrin mi ló ní àmì mẹ́ta. Láti ọjọ́ Ajé yìí, inú bàtà ni ó ń sùn sí.